Ọ̀fọ̀ Kò Ní Kàlẹ́ńdà: Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi Ìyá Ìbejì

Ètò ìlera wa tòní yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta gàrí àti ẹ̀wà ní ọjà wa níbí pàdánù ọkọ rẹ̀ ní oṣù méje sẹ́yìn. Ó bi mí ní ìbéèrè kan, mo sì fi lẹ́tà dá a lóhùn. Nígbà tó kà á tán, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kà á lórí rédíò, pé àwọn opó mìíràn wà tí wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan náà ní òru, tí wọn kò rí ẹni sọ ọ́ fún. Ó ní kí n má dárúkọ òun. Nítorí náà Ìyá Ìbejì ni a ó máa pè é. Ìyá Ìbejì pọ̀ ní ilẹ̀ wa, ṣé ẹ mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ máa yọjú wo ilé aládùúgbò rẹ̀.

Lẹ́tà náà nìyí.

Ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Ìbejì,

Mo tún kí ọ, o kú ọ̀fọ̀. Mo mọ̀ pé ènìyàn ti kí ọ títí. Ní ọjọ́ kẹjọ, ilé yín kún débi pé èmi àti àwọn obìnrin ọjà jókòó sí ojú títì. Ní ọjọ́ ogójì, àwọn àga tí wọ́n yá ṣẹ́ kù, ẹni tí yóò jókòó lé e kò pọ̀ mọ́. Nísinsìnyí tó ti di oṣù keje, "ẹ kú ọjà" nìkan ni wọ́n ń kí ọ. Kò sí ẹni tó ń sọ pé "kú ọ̀fọ̀" mọ́, bíi pé ọ̀fọ̀ náà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n tún kí ọ.

O bi mí ní ọjọ́ ọjà tó kọjá bóyá orí rẹ ló ń dàrú. Jẹ́ kí n tún ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ bí ìwọ fúnra rẹ ṣe sọ ọ́ fún mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, o tà dáadáa. O bá ìyá aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan dá alùpùpù rẹ̀ dúró lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ, ó sì pa á. Bí ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe hu kó tó kú, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Bàbá Ìbejì máa ń hu ní ẹnu ọ̀nà yín ní ìrọ̀lẹ́. O yí ojú padà kó tó di pé o rántí. Nígbà tí o rántí, ẹsẹ̀ rẹ kò gbé ọ mọ́, o jókòó sórí àpò gàrí, o sì sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ohun tí àwọn ènìyàn sọ lẹ́yìn náà ló dùn ọ́ ju ẹkún náà lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ní, "O ti ṣe opó tán, o ti bọ́ aṣọ opó, kí ló tún kù tí o ń sunkún sí?" Àbúrò ọkọ rẹ tó kàwé ní Kọ̀tọ̀nú sì mú ti ìwé wá. Ó ní ìpele márùn-ún ni ọ̀fọ̀ ní, pé ó dá òun lójú pé o ti dé ìkarùn-ún, èyí tí ènìyàn ń gbà fún Ọlọ́run, pé bí o ṣe tún wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ yìí, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi, kò sí ohun tó bàjẹ́. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn rẹ, n kò sì fẹ́ kí o bá wọn jà. Ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan méjì wọn ọkàn rẹ tí a kò ṣe fún wíwọn ọkàn. Jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ti opó ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀sìn ìmàle là sílẹ̀ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, ìwọ náà mọ iṣẹ́ tó wà fún. Láàárín ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wá tọrọ rẹ. Bí oyún bá wà nínú, yóò hàn, a ó sì mọ baba ọmọ. Obìnrin náà yóò jìnnà sí ọ̀ṣọ́ láti fi bọ̀wọ̀ fún ọkọ rẹ̀. Òfin ìgbéyàwó ni, ó sì ní ọjọ́ tó ń parí kí obìnrin má baà wà ní àhámọ́ títí ayé. Ọjọ́ kẹjọ àti ọjọ́ ogójì náà ní iṣẹ́ tiwọn. Wọ́n ń kó ènìyàn jọ, wọ́n ń ṣe àdúà, wọ́n ń jẹ́ kí oúnjẹ wà nínú ilé ní àkókò tí ẹni tí ọ̀ràn kàn kò lè dáná. Èmi kì í bá àwọn tó ń fi ọwọ́ rọ́ àṣà yẹn sẹ́yìn ṣe, nítorí mo ti rí ilé tí ì bá wó bí kò bá sí ọjọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa: nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ibì kan tí wọ́n ti sọ pé ní ọjọ́ báyìí, ẹkún gbọdọ̀ tán. Àwa ló fi ìyẹn kún un. Aṣọ la bọ́ ní ọjọ́ tí opó parí, àwa sì ń retí pé kí ọkàn náà bọ́ tirẹ̀ ní ọjọ́ kan náà.

Ó wá ku ìpele márùn-ún tí àbúrò ọkọ rẹ sọ. Kò purọ́. Wọ́n kọ́ ọ ní ilé ìwé lóòótọ́. Wọ́n kọ́ àwa náà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo ṣì rántí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ojú pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Àkọ́kọ́, ènìyàn á sẹ́ pé kò ṣẹlẹ̀. Èkejì, á bínú. Ẹ̀kẹta, á máa bá Ọlọ́run dúnàádúrà, pé bí O bá ṣe báyìí fún mi, èmi náà á ṣe báyìí. Ẹ̀kẹrin, ìrẹ̀wẹ̀sì á dé. Ìkarùn-ún, á gbà.

Ibi tí àtẹ̀gùn yìí ti wá ló yẹ kí o mọ̀. Dókítà obìnrin kan ló kọ ọ́, Elisabeth Kübler-Ross, ọmọ orílẹ̀-èdè Suwisi tó lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ní ìlú Ṣìkágò, ó ń jókòó ti àwọn aláìsàn tí àìsàn wọn kò ní gbóògùn mọ́, ó ń bi wọ́n léèrè bó ṣe ń rí lára wọn, ohun tí àwọn dókítà mìíràn kì í fẹ́ ṣe nígbà náà. Ohun tó gbọ́ ló fi ṣe ìwé tó jáde ní 1969. Ṣé o rí i? Ẹni tó ń kú lọ ló bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe opó, kì í ṣe ọmọ òrukàn. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé oṣù díẹ̀ ló kù fún un, ó ṣì ní ohun tó lè dúnàádúrà lé lórí: kí n rí ìgbéyàwó ọmọ mi ná, kí ọdún yìí ṣáà kọjá. Ìwọ, kí ni o fẹ́ dúnàádúrà? Bàbá Ìbejì ti lọ. Àwọn tó ka ìwé náà lẹ́yìn ló mú ìpele márùn-ún yẹn kúrò lórí ibùsùn aláìsàn, tí wọ́n fi lé ẹni tó kù sílẹ̀ lórí. Nígbà tó yá, dókítà náà fúnra rẹ̀ lo ìpele wọ̀nyí fún ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ nínú ìwé tó kọ gbẹ̀yìn, tó jáde ní 2005 lẹ́yìn tó ti kú. Síbẹ̀ níbẹ̀ gan-an ló ti sọ pé àwọn ènìyàn ṣi òun gbọ́, pé òun kò kọ ọ́ kí wọ́n lè fi di ìbànújẹ́ ènìyàn ní ìdì-ìdì, pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń kan gbogbo rẹ̀, wọn kì í sì í tẹ̀ lé ara wọn létòletò.

Nítorí náà, ìwọ kò já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn kankan. Kò sí àtẹ̀gùn níbẹ̀.

O lè wá ní, tí kì í bá ṣe àtẹ̀gùn, kí ló wá jọ? Èyí tó bá ohun tí mo ń rí lára rẹ mu jù ni ti àwọn olùwádìí méjì kan ní ilẹ̀ Họ́láńdì, Margaret Stroebe àti Henk Schut, tí wọ́n kọ ọ́ jáde ní 1999. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ní iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ kìíní ni kó kọjú sí ẹni tó lọ: kó sunkún rẹ̀, kó wo fọ́tò rẹ̀, kó máa pè é nínú ọkàn. Iṣẹ́ kejì ni kó kọjú sí ayé tó yí padà: ta ni yóò san owó ilé ìwé, ta ni yóò lọ sí mẹ́rì lọ gba ìwé, báwo ni obìnrin tí ọkọ ń gbé lọ sí ọjà ṣe máa kó àpò gàrí mẹ́ta débẹ̀. Ènìyàn kò lè ṣe méjèèjì pọ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà. Ó ń lọ sí ọ̀kan, ó ń padà sí èkejì, bí a ṣe ń lọ ọjà tí a ń bọ̀ wálé. Ó lè lọ kó bọ̀ ní ìgbà mẹ́wàá ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Lílọ-bíbọ̀ yẹn gan-an, wọ́n ní, ni ìwòsàn rẹ̀. Ẹni tó bá dúró sí ojú kan nínú méjèèjì ni kí a máa bẹ̀rù fún.

Fi wo ọjọ́ ọjà rẹ báyìí. Nígbà tí o ń tà, tí o ń rẹ́rìn-ín, ojúṣe kejì lo wà. Nígbà tí alùpùpù yẹn hu, o bọ́ sí ìkíní. O sunkún bí ìdajì wákàtí, ìyá aláta ló bá ọ tà á, lẹ́yìn náà o nu ojú, o sì bá ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀wà ṣírò owó, o kò sì ṣì í. Ìwọ ló sọ fún mi pé o kò ṣì í. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ pé bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ̀rín àárọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, ẹkún ọ̀sán yẹn náà kì í ṣe ìpadàsẹ́yìn.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé irú rẹ̀ yóò tún wá, kó má baà bá ọ lójijì. Kì í ka oṣù kó tó wá. Ohùn ló ń pè é, òórùn ló ń pè é, ọjọ́ kan nínú ọdún ló ń pè é. Iléyá tó ń bọ̀ yìí ni àkọ́kọ́ tí ẹlòmíràn yóò fa àgbò wọ agbolé yín. Ọjọ́ tí ilé ìwé yóò wọlé, tí ọwọ́ ẹnìkan kò ní sí láti bá àwọn ìbejì fi páálí bo ìwé wọn. Àwọn tí ọ̀fọ̀ wọn ti pé ọdún mẹ́wàá ń sọ pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣì ń mú àwọn. Ohun tó ń yí padà fún ọ̀pọ̀ wọn ni pé kì í wá lemọ́lemọ́ mọ́, kì í sì pẹ́ kó tó lọ.

Má sì fi ara rẹ wé ìyá ọkọ rẹ. O ní kò sunkún láti ọjọ́ kẹjọ, pé oko ló ń lọ lójoojúmọ́, pé àwọn kan ń sọ pé ọkàn rẹ̀ le. Ó ń bẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣọ̀fọ̀ tí iṣẹ́ wọn kò dúró, tí omijé wọn kò pọ̀, kì í sì í ṣe àìfẹ́ràn. Wọn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ẹkún. Ohun tí èmi máa bẹ̀ ọ́ nípa màmá ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ọ̀fọ̀ máa ń mú kí àgbà gbàgbé oògùn, bẹ́ẹ̀ ni ìbànújẹ́ ńlá fúnra rẹ̀ ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ máa gbé e fún un pẹ̀lú ẹ̀kọ àárọ̀, kí wọ́n sì mú un lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ti àwọn ìbejì ńkọ́? O ní ó ń bí ọ nínú pé wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ kejì tí wọ́n sin bàbá wọn. Bí ọmọdé ṣe ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ki ẹsẹ̀ bọ omi tó ń yọ ọ́. Á sunkún ìṣẹ́jú márùn-ún, á sì ní kí wọ́n fún òun ní bọ́ọ̀lù. Wọ́n ti pé ọmọ ọdún méje, ó ti yé ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún méje pé ẹni tó kú kì í padà. Àbúrò wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ni kò tíì lè yé. Ìyẹn ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sọ fún un pé bàbá rìnrìn-àjò, tàbí pé ó sùn. Ìwọ náà sọ pé ó ń sá lọ sí ẹnu ọ̀nà nígbàkigbà tó bá gbọ́ alùpùpù. Ẹni tó rìnrìn-àjò á dé, ohun tí ọmọ náà gbọ́ nìyẹn. Sọ fún un pé bàbá ti kú, pé ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò lè padà wá, kì í ṣe pé ó bínú sí i. Á tún béèrè lọ́la. Dá a lóhùn bákan náà.

Báyìí, ìbéèrè tí o bi mí ṣì kù: ìgbà wo ló di àìsàn? Nínú ìwé tí àjọ ìlera àgbáyé fi ń to orúkọ àìsàn, èyí tí wọ́n ń lò láti oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n ti fi ọ̀fọ̀ tó dúró pẹ́ jù sí i. Wọn kò ní kí a fi orúkọ yẹn pe ọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni kó tó pé oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Gbọ́ mi dáadáa o: wọn kò sọ pé ọ̀fọ̀ gbọdọ̀ tán ní oṣù mẹ́fà. Ohun tí wọ́n ń wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni bóyá ìyánhànhàn fún ẹni tó lọ gba gbogbo ọjọ́, lójoojúmọ́, tó fi jẹ́ pé ẹni náà kò lè ṣiṣẹ́, kò lè tọ́jú ilé, tó sì ti kọjá ohun tí àṣà àti ẹ̀sìn àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ̀ sí ọ̀fọ̀. Ìwọ ti wọ oṣù keje. O ń tajà. O ń jẹun. O ní o ń sùn ju òru mẹ́rin lọ nínú méje. Ara àwọn ọmọ mọ́. Ẹkún ń wá, ó sì ń lọ. Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé náà ń wá kò jọ ohun tí mo ń rí yìí.

Tí mo bá débẹ̀ tí mo rí i pé ìsọ̀ rẹ ti wà ní títì láti ọjọ́ ọjà bíi mẹ́rin, tí o ń rù, tí o kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, èmi yóò ní kí a lọ sí ilé ìwòsàn pọ̀. Ohun kan sì wà tí kì í dúró de oṣù mẹ́fà, tí kì í dúró de ọ̀la pàápàá. Tí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ó sàn kí o tẹ̀ lé e, pe mí ní wákàtí yẹn, kódà bó jẹ́ òru, kí o má sì dá wà. Jẹ́ kí wọ́n kó oògùn eku àti oògùn apakòkòrò kúrò nínú ilé. Kì í ṣe ìtìjú, kì í sì ṣe àìní ìgbàgbọ́. Bí ìwọ olùgbọ́ mi kan bá ń rò bẹ́ẹ̀ lálẹ́ yìí, ìwọ náà ni mo ń bá wí: sọ fún ẹnìkan kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, kí o sì lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọ jù.

Ṣùgbọ́n má ra oògùn oorun lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e kiri ọjà. O ní wọ́n ti fi lọ̀ ọ́. A kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àwọn mìíràn á sì so ènìyàn mọ́lẹ̀ tí kò ní lè sùn láìlò ó. Ohun tó ń ṣe ẹni tí ọ̀fọ̀ rẹ̀ di àìsàn láǹfààní jù ni ìjókòó léraléra pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ gbígbọ́ ọ̀rọ̀. Bí dókítà bá fún ọ ní oògùn, ìyẹn yàtọ̀.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, tó bá tún ní kí ló kù tí o ń sunkún sí, sọ fún un pé opó ti parí, ọkọ ni o ń rántí. Mo rò pé yóò dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́kùnrin náà ni, òun pẹ̀lú á ní alùpùpù tirẹ̀ tó ń gbọ́.

Ní Iléyá, jẹ́ kí wọ́n fa àgbò wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí o má baà wà lójú pópó nígbà tó bá ń kọjá. Èmi àti ìyá aláta máa dé láti àárọ̀. A ó bù ẹran náà, a ó pín in. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì, a ó máa sọ ọ́. Bí o kò bá fẹ́, ata ni a ó máa lọ̀.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ.